Abala kọ́ńtíráàtì àbúrò mi nìyí, ṣé ó lè kọ lẹ́tà pé òun ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì?

Ọmọ Mọ́níyà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Torí àbúrò mi obìnrin ni mo ṣe wá béèrè nǹkan. Nọ́ọ̀sì ni, ilé ìwòsàn àdáni kan n'Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n rán an lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, àwọn ni wọ́n san owó ẹ̀, ₦1,200,000, ó sì sáìnì bọ́ǹdì kó tó lọ. Ó ti lo oṣù 15 lọ́dọ̀ wọn látìgbà tó ti padà dé. Ní báyìí ó ti rí iṣẹ́ míì l'Abẹ́òkúta, owó oṣù ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, wọ́n sì ní kó fèsì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ pépà yẹn, mo yí i sí Yorùbá kó lè yé gbogbo wa:

"9(d) Bí Òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí oṣù mẹ́rìnlélógún tó pé lẹ́yìn Ìdánilẹ́kọ̀ọ́, Òṣìṣẹ́ yóò dá gbogbo Owó Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ padà fún Ilé Ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan náà,"

Ṣé wọ́n lè gba gbogbo owó yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ lóòótọ́? Ṣé kó kọ lẹ́tà lọ́jọ́ Ẹtì ni àbí kó gbàgbé iṣẹ́ Abẹ́òkúta?

Gbénga Sángo

Kó kọ lẹ́tà ẹ̀ kó máa lọ jàre. Bọ́ǹdì ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà, ayé ẹrú ti kọjá, kò sí kóòtù tó máa fipá mú èèyàn ṣiṣẹ́ níbi tí ò wù ú. Kó fún wọn ní nótíìsì oṣù kan, kó gba owó oṣù tó kù, ó parí.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́ńtì

Má fòyà, àbúrò. Èmi náà sáìnì irú ẹ̀ nígbà tí mò ń bọ̀ ní UK, owó fíísà àti owó ìdánwò ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni owó yẹn ń dín kù, nígbà tí mo fi kúrò lọ́dọ̀ wọn ohun tó ṣẹ́kù ò tó nǹkan. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn níbi gbogbo. Tó bá ti lo oṣù 15 nínú 24, oṣù 9 péré ló kù tó máa san owó ẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀, ₦50,000 lóṣù kan, ₦450,000 nìyẹn. Kó wá owó yẹn kó máa lọ.

Barista Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ pé kí ọmọ yẹn lọ tàbí kó dúró. Ẹ padà lọ wo ìparí ohun tó gbé wá. Kọ́mà ló parí sí. Kò sẹ́ni tó ń kọ kọ́ńtíráàtì tó máa fi kọ́mà parí abala, ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni, a ò sì tíì rí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọmọ Mọ́níyà, dá mi lóhùn nǹkan méjì. Ṣé kọ́mà yẹn wà nínú pépà fúnra ẹ̀ ni àbí ìwọ lo fi síbẹ̀ nígbà tó o ń yí i sí Yorùbá? Kí sì ni nọ́ńbà abala tó tẹ̀ lé e?

Ọmọ Mọ́níyà

Kọ́mà yẹn wà níbẹ̀, ọ̀gá mi. Fọ́tò ló fi ránṣẹ́ sí mi ní Wọ́sáàpù, ibi tí ojú ìwé 5 parí sí nìyẹn. Fọ́tò tó tẹ̀ lé e, abala 11 ló wà lókè ẹ̀, ọ̀rọ̀ pé kí òṣìṣẹ́ má tú àṣírí aláìsàn síta ni. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ojú ìwé yẹn ò hàn dáadáa ṣùgbọ́n ó jọ 7.

Barista Mọ́kọ́lá

Ọpẹ́lọpẹ́ pé o wò ó. Ojú ìwé 6 ò sí lọ́wọ́ wa nìyẹn, ìyókù abala 9 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú odindi abala 10 tá ò mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó àbúrò yẹn gan-an ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi ní sọ nǹkan kan lórí ẹ̀ báyìí. Mo ti rí irú abala yìí dáadáa, ibẹ̀rẹ̀ wọn máa ń jọra, ìparí ni wọ́n ti ń yàtọ̀. Ká ní ohun tó wà lẹ́yìn kọ́mà yẹn ni pé owó náà yóò máa dín ní ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ bá ti lò, a jẹ́ pé ìṣirò Nọ́ọ̀sì Kẹ́ńtì ló tọ̀nà, ₦450,000. Ká ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìlàjì ni yóò san tó bá ti lo oṣù 12, ó di ₦600,000, yálà oṣù 13 ló lò tàbí 23. Ká ní kò sí ìdínkù kankan, bóyá ohun tó kàn sọ ni pé ilé ìwòsàn lè yọ ọ́ nínú ẹ̀tọ́ èyíkéyìí tó bá tọ́ sí i, a jẹ́ pé ₦1,200,000 ṣì ni, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ látorí owó oṣù ìkẹyìn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹ̀kẹrin. Ó máa ń wà níbẹ̀ nígbà míì pé owó yóò dín sí ìlàjì *tí òṣìṣẹ́ bá fún wa ní nótíìsì oṣù mẹ́ta*, tàbí tó bá kọ́ ẹlòmíì ní iṣẹ́ yẹn kó tó lọ. Ẹ wá wo ohun tí Gbénga ní kó ṣe. Ó ní kó fún wọn ní nótíìsì oṣù kan. Tó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ni pépà yẹn béèrè, lẹ́tà ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ló máa sọ ₦600,000 di ₦1,200,000. Kò tíì ṣe ohunkóhun báyìí, àǹfààní èyíkéyìí tó bá wà nínú ojú ìwé 6 ṣì wà fún un. Lọ́jọ́ tó bá fi lẹ́tà sílẹ̀ ló lè pàdánù ẹ̀, kì í sì í rọrùn fún èèyàn láti gba lẹ́tà padà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́.

Gbénga Sángo

Ọ̀gá lọ́yà, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ìparí ibi yòówù kó ní, bọ́ǹdì náà ni. Tí odindi nǹkan ò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí la fẹ́ fi ìparí ẹ̀ ṣe? Àti pé òfin òṣìṣẹ́ sọ ọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ yọ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù èèyàn lọ, mo mọ ìyẹn dájú torí a fi jà níbi iṣẹ́ wa.

Ìyá Rasheed Aláṣọ

Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi n'Íjẹ̀bú-Òde, ọdún mẹ́ta la jọ kọ sí ìwé, ó lo ọdún méjì ó sá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, kò ṣe fírídọ̀m, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fún un ní ẹ̀rọ tó fi kọ́ iṣẹ́. Ṣé mo lè gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí ẹ̀? Torí gbogbo yín kàn ń gbèjà ẹni tó ń lọ, ẹnì kan ò rò ti ẹni tó náwó.

Barista Mọ́kọ́lá

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tiyín yàtọ̀ torí òṣìṣẹ́ kọ́ ni ọmọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé ìwé tẹ́ ẹ jọ kọ wá lọ́tọ̀ ká wò ó, odindi ẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ ṣá pé ẹni tó náwó náà ní ẹ̀tọ́. Ilé ìwòsàn yìí san ₦1,200,000, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Gbénga, ìdajì ohun tó o sọ tọ̀nà. Kóòtù ò ní pàṣẹ pé kí nọ́ọ̀sì padà lọ ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ fún mọ́, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n owó yàtọ̀ sí ara èèyàn. Tí ọ̀rọ̀ owó bá délé ẹjọ́, Kóòtù Àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ló máa lọ, òun ni àtúnṣe ọdún 2010 sí ìwé òfin ilẹ̀ wa gbé irú ẹjọ́ yìí fún, ó sì ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn. Ohun tí adájọ́ máa fẹ́ mọ̀ ni bóyá owó yẹn jẹ́ ìṣirò tòótọ́ ohun tí agbanisíṣẹ́ máa pàdánù, àbí ìjìyà lásán tí wọ́n fi dẹ́rù ba òṣìṣẹ́ kó má bàa lọ. Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè yẹn ti wà, ẹjọ́ Dunlop nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di olókìkí, àwọn kóòtù tiwa náà ń lò ó.

Wàá rí i pé a tún ti padà sí ojú ìwé 6. Bọ́ǹdì tó ní kéèyàn san gbogbo ₦1,200,000 nígbà tó ku oṣù kan péré, bákan náà pẹ̀lú ẹni tó lọ lẹ́yìn oṣù kan, ó rọrùn láti jiyàn pé ìjìyà ni. Èyí tó ń dín kù bí òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ṣòro gan-an láti pè é níjìyà. Ìparí tá ò rí yẹn ló máa sọ èyí tó jẹ́. Torí náà kì í ṣe iye owó nìkan ló wà níbẹ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè tìrẹ pé ṣé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ní ti ìdá kan nínú mẹ́ta, ó wà nínú Òfin Òṣìṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin yẹn yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àmọ̀dájú kúrò lára àwọn tó pè ní òṣìṣẹ́. Àwọn alágbàṣe àti akọ̀wé ló kàn jù. Ṣé nọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀? Èmi máa sọ pé ó ṣòro. Lọ́yà míì lè bá mi jiyàn, mi ò ní bínú sí i. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí ọmọ yẹn fi ìyẹn gbára lé.

Àǹtí Pásónẹ́ẹ̀lì

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun, èmi náà ti tẹ irú pépà yìí. Barista ti sọ ti òfin, ẹ jẹ́ kí n sọ bí pépà yẹn ṣe máa ń rí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó gbé wá dáadáa. "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́" àti "Owó Ìdánilẹ́kọ̀ọ́", lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá rí bẹ́ẹ̀ nínú kọ́ńtíráàtì, ó túmọ̀ sí pé ibì kan wà níwájú, abala 1 lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n ti sọ ohun tó jẹ́. Ó lè jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ó sì lè jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀, owó ibi tó sùn, àti owó oṣù tó gbà nígbà tí ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti rí èyí tó rí bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n ń béèrè jẹ́ ìlọ́po iye tí òṣìṣẹ́ ní lọ́kàn. Torí náà, ₦1,200,000 tí gbogbo wa ń pín, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ pé iye ẹ̀ nìyẹn? Pépà ni àbí ẹnu?

Ìyẹn nìkan kọ́. "Fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀." Ọmọ yẹn ò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Abala 10 tí ò sí yẹn, tó bá jẹ́ ti bí wọ́n ṣe ń fòpin sí iṣẹ́ bí mo ṣe rò, ibẹ̀ ni nótíìsì máa wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ nígbà míì pé tí ilé ìwòsàn bá jẹ owó oṣù títí dé àkókò kan, òṣìṣẹ́ lè lọ láìsan bọ́ǹdì. Ọmọ Mọ́níyà, ṣé wọ́n ń san owó oṣù ẹ̀ déédéé?

Nípa bí ojú ìwé ṣe ń sọnù, ó pọ̀. Èèyàn á fọwọ́ fa ọ̀rọ̀ nínú PDF lórí fóònù, kò ní kọjá ìparí ojú ìwé, ohun tó wà lókè ojú ìwé kejì á kù síbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Tàbí kó ya fọ́tò, kí ìwé méjì lẹ̀ mọ́ra. Àmì ẹ̀ náà ni èyí tẹ́ ẹ rí yìí: kọ́mà níparí, tàbí "àti" tó dá dúró, tàbí (a) tí ò ní (b), tàbí nọ́ńbà abala tó fò.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́ńtì

Ó yé mi o, àmọ́ ọjọ́ ń lọ. Ṣé ẹ ò kàn lè sọ èyí tó ṣeé ṣe jù fún un kó fi bẹ̀rẹ̀? Tèmi ń dín kù, ti àwọn tá a jọ wá náà ń dín kù. Lọ́dún 2022 ìjọba tiẹ̀ fi sí ìlànà gbígba òṣìṣẹ́ ìlera láti òkèèrè fún England pé irú owó báyìí gbọ́dọ̀ hàn kedere kó sì bá ohun tí wọ́n ná mu.

Barista Mọ́kọ́lá

England nìyẹn, Nọ́ọ̀sì, ìlànà yẹn ò dé Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé àánú ọmọ yẹn ló ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n rò ó wò, tí mo bá sọ pé "ó ṣeé ṣe kó máa dín kù", kí ni ọmọ tó ti ń wo iṣẹ́ olówó ńlá máa gbọ́? ₦450,000 ló máa gbọ́. Á yá owó yẹn, á kọ lẹ́tà. Èyí tó ṣeé ṣe jù ò wúlò fún un, èyí tó wà nínú pépà tó fọwọ́ sí ni wọ́n máa gbé síwájú adájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; ìdajì ẹjọ́ ẹnìkan gan-an la sì gbọ́ níbí.

Nǹkan kan wà tó lè ṣe lónìí tí ò nílò èrò ẹnikẹ́ni. Kó kọ̀wé sí àwọn ará Abẹ́òkúta pé òun fẹ́ iṣẹ́ náà, kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ díẹ̀ sí i kí òun fi parí ọ̀rọ̀ pépà níbi tí òun wà. Ìwé yẹn ò ba nǹkan kan jẹ́ n'Ìbàdàn.

Àǹtí Pásónẹ́ẹ̀lì

Kó sì béèrè ojú ìwé 6, àmọ́ kó fọgbọ́n béèrè ẹ̀. Kó má sọ pé òun fẹ́ wo ọ̀rọ̀ bọ́ǹdì. Kó kọ ímeèlì, kó má fẹnu sọ ọ́, pé òun ń tún fáìlì òun tò, ẹ̀dà kọ́ńtíráàtì tó wà lọ́wọ́ òun ò pé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún òun ní odindi ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àsomọ́ tó wà lẹ́yìn. Kó béèrè odindi ẹ̀ o, tó bá béèrè ojú ìwé 6 nìkan wọ́n á mọ ohun tó ń wá.

Kó tó fi ránṣẹ́, kó fi gbogbo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara ẹ̀, kí ọjọ́ tó ti ní wọn lè wà ní àkọsílẹ̀. Tí wọ́n bá wá fún un ní odindi ẹ̀, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fọ́tò yẹn. Ṣé ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé 6 bá kọ́mà ojú ìwé 5 mu? Ṣé lẹ́tà rẹ̀ rí bákan náà? Tó bá jẹ́ pé ó sáìnì kékeré sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ṣé ó wà lórí ìyẹn náà? Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni máa ṣe màgòmágó, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ máa ń yí pépà wọn padà lọ́dọọdún, ẹni tó ń wá a nínú kọ̀ǹpútà lè tẹ ti ọdún yìí jáde dípò èyí tí ọmọ yẹn sáìnì.

Gbénga Sángo

Tí wọ́n bá kọ̀ láti fún un ńkọ́? Mo ṣì rò pé tí wọn ò bá lè gbé pépà jáde, wọn ò ní ẹjọ́.

Barista Mọ́kọ́lá

Wọ́n lè kọ̀ lónìí kí wọ́n sì gbé e jáde ní kóòtù lọ́la, ibi tó léwu nìyẹn. Tí wọ́n bá kọ̀, ó ṣì ní ẹ̀rí pé ó béèrè, a lè kọ lẹ́tà lọ́yà. Ká dé ibẹ̀ ná.

Ọmọ Mọ́níyà

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo pè é. Ẹ̀dà kan péré ni wọ́n sáìnì, ọ́fíìsì ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí, òun kàn sáré ya fọ́tò kó tó dá a padà fún wọn ni. Ó ní òun sáìnì kékeré sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó sì hàn lórí ojú ìwé 5. Wọ́n ń san owó oṣù ẹ̀, àmọ́ ó máa ń pẹ́, bó ṣe ń pẹ́ tó ni mi ò mọ̀. Àwọn ará Abẹ́òkúta ti gbà kó fèsì lọ́jọ́rú tó ń bọ̀.

Mo tún béèrè ₦1,200,000 yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ẹnu mánéjà ló ti gbọ́ ọ, kò rí i nínú pépà. Mo wá wo fọ́tò ojú ìwé 1. "Owó Ìdánilẹ́kọ̀ọ́" wà níbẹ̀ lóòótọ́, ohun tí wọ́n kọ ni pé òun ni iye tó wà nínú Àsomọ́ B. Kò ní Àsomọ́ B. Nǹkan míì ni pé ó parí ẹ̀kọ́ yẹn ní oṣù méjì kó tó gba sátífíkéètì, oṣù 15 tí mo sọ, látìgbà tó parí ẹ̀kọ́ ni mo ti kà á, tó bá jẹ́ pé sátífíkéètì ni wọ́n ń kà, 13 ló jẹ́. Ṣé ìyẹn náà máa wà nínú ojú ìwé 6?

Barista Mọ́kọ́lá

Ó lè wà níbẹ̀, ó sì lè wà ní ojú ìwé 1 tàbí 2 níbi tí wọ́n ti sọ ohun tí "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́" jẹ́. Fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n ṣe wà lédè òyìnbó, má yí wọn padà, sì bo orúkọ ẹ̀ àti ti ilé ìwòsàn.

Ọmọ Mọ́níyà

Mò ń fi ránṣẹ́ báyìí, ọ̀gá mi. Ímeèlì ò tíì lọ, ó ní òun ń dúró dè mí. Mo ti ní kó fi Àsomọ́ B kún un.

Àǹtí Pásónẹ́ẹ̀lì

Kó má dárúkọ B. "Gbogbo àsomọ́" ni kó kọ.